Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà Kì í Ṣe Ohùn Òkè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àlejò ní èdè Rọ́ṣíà, ẹ ó rí ohun kan tí ojú yín máa dá mọ̀ láàárín gbogbo lẹ́tà àjèjì ibẹ̀. Àmì kékeré kan ni, ó wà lórí fáwẹ̀lì: до́ма, молоко́, сестра́. Ojú ọmọ Yorùbá á ní, "Áà, ohùn òkè rèé! Mí ni." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àmì yẹn jọ tiwa bí ìbejì, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sórí pátákó wa ni pé méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní kíláàsì àṣekágbá ń kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Rọ́ṣíà. Ẹni tó bá rí i gbà tí kò gbọ́ èdè náà máa ń fi nǹkan bí ọdún kan kọ́ èdè nìkan, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ lọ. Àbúrò bàbá mi ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ìlú Fọ̀rónẹ̀sì ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni mo ti ń kọ́ èdè náà ní gbogbo Sátidé láti ọdún tó kọjá. Àǹkù ní gírámà kọ́ ló kọ́kọ́ fìyà jẹ àwọn, bí wọ́n ṣe ń lo ẹnu ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn kan. Níbi tí mo bá ti fi lẹ́tà wa kọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà, lẹ́tà ńlá ló ń fi sílébù tí wọ́n tẹnu mọ́ hàn. Ẹ má wá àmì ohùn níbẹ̀, n kò fi sí i. Bí ẹ bá rí àmì ʼ lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì, ó túmọ̀ sí pé kọ́ńsónáǹtì náà rọ̀. Ẹ ó mọ ohun tó ń jẹ́ rírọ̀ láìpẹ́.

ÌTẸNUMỌ́ ÀTI OHÙN

Nínú Yorùbá, gbogbo sílébù ló ní ohùn tirẹ̀: dò, re, tàbí mí. Bí o bá ṣi ohùn lò, ìlú di ìlù. Nínú ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà, sílébù kan ṣoṣo ló jẹ́ ọba, àwọn tó kù ń sìn ín. Orúkọ tí wọ́n fún ìtẹnumọ́ yìí jáde látinú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn lu nǹkan. Sílébù tí wọ́n bá lù máa ń gùn ju àwọn ìyókù lọ, fáwẹ̀lì rẹ̀ á sì là ketekete. Bóyá ohùn rẹ̀ máa lọ sókè tàbí kó já sílẹ̀, gbólóhùn ló máa pinnu ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Etí tiwa kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì: tísà, sọ́jà. Ibi tí òyìnbó ti tẹnu mọ́ ọn la fi ohùn òkè sí, a wá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá ṣe máa ń gba до́ма, tó túmọ̀ sí "nílé," tó sì máa ń sọ ọ́ di dómà. Ó dà bíi pé kò sí láburú níbẹ̀, àbí? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ Àǹkù.

Ìyá àgbàlagbà kan ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ Àǹkù pé ṣé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá wà nílé. Ọ̀gbẹ́ni dáhùn, "On dómà." Ìyá wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ni mò ń bi, o tún ń bi mí padà?" Ìdí ni pé èdè Rọ́ṣíà kò ní "ṣé" tó pọn dandan bíi tiwa. "Он до́ма" ni "Ó wà nílé." "Он до́ма?" ni "Ṣé ó wà nílé?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìbéèrè, ohùn máa ń fò sókè fìrì lórí DO, á wá já wálẹ̀ lórí ma. Dómà gan-an nìyẹn! Nínú ìdáhùn, ohùn máa ń já sílẹ̀ lórí DO, á sì dúró sísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i: sílébù tí wọ́n tẹnu mọ́ ló wà ní ohùn ìsàlẹ̀ yẹn o. Ọmọ Yorùbá tó bá gbà pé àmì orí ọ̀rọ̀ ni mí, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ lè máa dún bí ìbéèrè.

Ìdánrawò tí Àǹkù fún mi rèé. Mú ọ̀rọ̀ náà, kí o sọ ọ́ ní re nìkan, re-re, má gbé ohùn sókè, má sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fi gígùn àti agbára nìkan ya DO sọ́tọ̀. Tó o bá ti lè ṣe ìyẹn, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí DO sì wà ní dò. Bí ẹni tó ń gbọ́ ẹ bá ṣì mọ ibi tí o tẹnu mọ́, o ti ya ìtẹnumọ́ kúrò lára ohùn nìyẹn.

FÁWẸ̀LÌ TÓ Ń RẸ̀ SÍLẸ̀

Sílébù ọba yìí ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó kù. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Yorùbá, bóyá ohùn òkè ni o, bóyá ti ìsàlẹ̀ ni, a ṣì jẹ́ a, o ṣì jẹ́ o. Lóòótọ́, fáwẹ̀lì lè yí padà nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, bí ilé ìwé ṣe di iléèwé, àmọ́ fáwẹ̀lì tó kù náà máa dún dáadáa ni. Ní Rọ́ṣíà, fáwẹ̀lì tí wọn kò tẹnu mọ́ máa ń kúrú, á sì máa pàdánù ojú tó fi jẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ wo молоко́, wàrà. O mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ o kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn ló gba ìtẹnumọ́, o gidi ni: KO. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ tímọ́tímọ́ di a kúkúrú: la. Èyí tó jìnnà jù lọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe o, kò tó a, ó dà bí ìró tó ń jáde nígbà téèyàn kàn yanu díẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn láti sọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ma-la-KO.

Ní ọ̀rúndún 19, onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Alẹksáńdà Pọtẹ́bíníà fi nọ́ńbà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ṣì ń lò ó. Sílébù tí wọ́n tẹnu mọ́ gba 3. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ gẹ́ẹ́ gba 2. Gbogbo èyí tó kù gba 1. Nítorí náà молоко́ jẹ́ 1-2-3. Хорошо́, "ó dára," náà jẹ́ 1-2-3: ha-ra-ṢO. До́ма jẹ́ 3-1. Дома́, tó túmọ̀ sí "àwọn ilé," jẹ́ 2-3: da-MA. Ẹ rí i pé bí ìtẹnumọ́ ṣe kúrò ní iwájú lọ sẹ́yìn, o àkọ́kọ́ ti di a, "nílé" sì ti di "àwọn ilé." Gbogbo rẹ̀ ló yí padà, lẹ́tà nìkan ni kò yí.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín o. Ọmọ Yorùbá tó bá rí 1-2-3 lè kà á ní dò-re-mí, kó wá máa kọrin molokó. Agbára àti gígùn ni nọ́ńbà yìí ń kà. Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá o ṣe é dáadáa ni kó o fi ọ̀rọ̀ náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sí pé ohùn ń lọ sókè tàbí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Bí KO bá ṣì yọ jáde láàárín àwọn méjì tó kù, o ti ní i. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, orin lò ń kọ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì rírọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rẹ̀ sílẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ní е tàbí я máa ń di i kúkúrú. Сестра́, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò obìnrin, ń dún bíi sʼi-STRA. Язы́к náà, yi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ya. Ọ̀rọ̀ yẹn ló túmọ̀ sí ahọ́n, òun náà ló tún túmọ̀ sí èdè.

Ṣé wọn ò ní gbọ́ ẹ tó o bá pe gbogbo o bó ṣe wà nínú ìwé ni? Wọ́n lè gbọ́. Àwọn abúlé kan wà ní apá àríwá Rọ́ṣíà tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pe o ní o títí dòní. Ibi tí ìṣòro wà ni pé, bí gbogbo fáwẹ̀lì bá yó dọ́gba, ẹni tó ń gbọ́ ẹ kò ní mọ sílébù tó jẹ́ ọba. Ó sì ti hàn ní до́ма àti дома́ pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀, ẹ má kọ a nítorí pé a lẹ gbọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, níbi tí ìtẹnumọ́ ti bọ́ sórí fáwẹ̀lì náà. Etí ń gbọ́ da-MA, àmọ́ ilé kan ṣoṣo ni дом, o ló sì ń dún níbẹ̀ gbangba. O náà lẹ máa kọ.

LÍLE ÀTI RÍRỌ̀

Ará Rọ́ṣíà tó bá ń kọ́ Yorùbá kì í tètè gbọ́ ìyàtọ̀ ìlú àti ìlù. L kan náà, u kan náà ló ń gbọ́. Tiwọn náà rèé: лук ni àlùbọ́sà, люк ni ìdérí ihò tó wà láàárín títì. Lójú tiwa, lu ni méjèèjì. Ohun tí àwa fi sínú ohùn, inú kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n fi í sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ahọ́n. Fún л líle, ṣóńṣó ahọ́n máa kan eyín òkè, àárín ahọ́n á rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n á sì gbéra díẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun, bí ìgbà téèyàn fẹ́ pe u. Fún л rírọ̀, àárín ahọ́n ló máa gbéra sún mọ́ àjà ẹnu, bí ìgbà téèyàn fẹ́ pe i. L tiwa wà láàárín méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ará Rọ́ṣíà fi lè gbọ́ l wa bíi rírọ̀ nígbà tá a rò pé a ti sọ líle. Ọ̀rẹ́ Àǹkù kan náà yẹn lọ ra àlùbọ́sà lọ́jà, ó ní "lúùkù," ìyá ọlọ́jà sì ní ìdérí ihò kò sí lórí àtẹ òun.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ara mi wò ni pé mo máa ń fa l náà gùn, llllll, láìfi fáwẹ̀lì kankan sí i, màá wá fetí sí fáwẹ̀lì tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ ohun tó jọ u lábẹ́ rẹ̀, líle ni. Bí mo bá ń gbọ́ ohun tó jọ i, rírọ̀ ni.

Nínú ìwé, ojú fáwẹ̀lì lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó mọ irú kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí а, о, у, э tàbí ы, líle ni kọ́ńsónáǹtì náà. Bí ẹ bá rí я, ё, ю, е tàbí и, rírọ̀ ni. Mẹ́fà péré ni kò tẹ̀ lé èyí: ш, ж àti ц máa ń le nígbà gbogbo, ч, щ àti й máa ń rọ̀ nígbà gbogbo, fáwẹ̀lì yòówù kó tẹ̀ lé wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni pé, dípò ká rọ kọ́ńsónáǹtì, a máa ń fi i tàbí y tì í lẹ́yìn. Нет, "rárá," á di ní-ẹ̀-tì. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ká máa pàtẹ́wọ́ ka sílébù. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún нет: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní-ẹ̀-tì gba mẹ́ta. Bí àtẹ́wọ́ yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ti fi nǹkan kún un. Y tí a máa ń tì sí i yẹn sì tún lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ко́ля jẹ́ orúkọ ọkùnrin, KO-lʼa. Ко́лья, tó ní y gidi lẹ́yìn lʼ, jẹ́ àwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó: KO-lʼya. Ahọ́n gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò i kí l tó dún. Kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí l ti dún tán.

NÍ ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ibi tó le jù fún wa ni ìparí ọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kọ́ńsónáǹtì lásán parí. Bí a bá gba irú rẹ̀, fáwẹ̀lì la máa ń fi dè é: búrẹ́dì, bẹ́líìtì. Ní Rọ́ṣíà, брат ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin, брать sì ni kéèyàn mú nǹkan. Lẹ́tà kékeré ь yẹn kò ní ìró tirẹ̀. Ó kàn ń sọ fún wa pé kí a rọ т ni. Wàyí o, bí a bá pe méjèèjì ní bùrátì, aburú méjì la ṣe lẹ́ẹ̀kan. A fi sílébù kún un, àti pé i tí a fi dè é jẹ́ fáwẹ̀lì tó ń tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì rírọ̀, nítorí náà т líle ti pòórá nínú méjèèjì.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe rèé. Ẹ gbé ìka méjì lé ọ̀fun yín, kẹ́ ẹ pe брат. Lẹ́yìn a, ọ̀fun gbọ́dọ̀ dákẹ́. Èémí díẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé т. Bí ọ̀fun bá tún gbọ̀n lẹ́yìn т, fáwẹ̀lì ti yọ́ wọlé. Fún брать, ẹ gbé ahọ́n sí ipò i, ẹ pe т láìjẹ́ kí i náà dún. Ẹ ó gbọ́ èémí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jọ s. Èémí yẹn ni àmì pé ó rọ̀.

GBÓLÓHÙN KAN TÓ KÓ GBOGBO RẸ̀ JỌ

Моя́ мать до́ма. "Ìyá mi wà nílé." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré.

Моя́ jẹ́ 2-3: o rẹ̀, ó di a, ma-YA. Мать jẹ́ àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo, èémí tẹ́ẹ́rẹ́ ló parí rẹ̀: MATʼ. Bí т kò bá rọ̀, мат lẹ sọ, ohun tí àwọn tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì máa ń pè nígbà tí ọba bá há. До́ма jẹ́ 3-1: DO-ma. Bí ìtẹnumọ́ bá bọ́ sẹ́yìn, ìyá ti di ilé púpọ̀. Bí ohùn bá fò sókè lórí DO, ẹ̀yin lẹ ń béèrè ìyá yín lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ohùn já sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀.

Ẹ pàtẹ́wọ́ kà á: méjì, ẹyọ kan, méjì. Márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ móyá mátì dómà máa pa mẹ́fà.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Го́род ni ìlú, города́ ni àwọn ìlú. Ẹ kọ nọ́ńbà agbára sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì sọ o tó máa dún bí o gidi nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

2. У́гол ni igun ilé, у́голь ni èédú. Àtẹ́wọ́ mélòó ni ìkọ̀ọ̀kan gbà? Kí ni ahọ́n ṣe nínú èkejì tí kò ṣe nínú ti àkọ́kọ́?

3. Ẹ̀yin méjì ẹ dúró, kí ẹnì kan béèrè "Он до́ма?" kí èkejì dáhùn "Он до́ма." Kí ẹnì kẹta kọ ẹ̀yìn sí yín, kó sọ ẹni tó béèrè àti ẹni tó dáhùn.

Ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ máa wà lórí pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkẹta, etí ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí yín ló máa máàkì í.